Páràgà àti oògùn ọ̀fìnkìn: àbúrò mi tó ń wa yanrìn ní Báyékù

Àǹtí Ìgbógbó · Ọjọ́ Ajé, agogo 7:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 29, ń bá wọn wa yanrìn ní Báyékù. Ọ̀fìnkìn àti ikọ́ ti ń dà á láàmú láti ọjọ́ Ẹtì. Ó ń mu páràgà, àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, lọ́dọ̀ ìyá alágbo tó wà lẹ́bàá èbúté, ó tún ń lo oògùn ọ̀fìnkìn tí wọ́n tà fún un ní kẹ́míìsì. Lálẹ́ àná, agogo 7 ló sùn, agogo 11 àárọ̀ yìí ló tó jí. A pè é, a gbọ̀n ọ́n, kò mọ̀ rárá. Nígbà tó jí, ó ní kò sí nǹkan kan, pé láti òní lọ òun á máa fi wákàtí 3 sáàárín àgbo àti oògùn. Ṣé òótọ́ ni pé bí wákàtí 3 bá ti wà láàárín wọn, kò séwu?

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Sábó · agogo 7:58 alẹ́

Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ yanrìn ni kò jẹ́ kó sinmi, àárẹ̀ ló sùn yẹn. Èmi náà ń mu tọ́ọ̀tì 2 láàárọ̀ kí n tó gbé kẹ̀kẹ́ jáde, bí ọ̀fìnkìn bá sì mú mi, mo ń lo oògùn lé e, mo ń ná Sábó sí Ìjẹ̀dé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí ọtí ti mọ́ lára, ara rẹ̀ ń tètè lọ̀ ọ́ dànù. Ẹni tí kì í mu ún tẹ́lẹ̀ ni kó ṣọ́ra.

Apoògùn Àgríìkì · agogo 8:15 alẹ́

Àǹtí, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn páálí oògùn náà, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú hóró kan síbí, pẹ̀lú iye tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Hóró mélòó ló ń lò, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́? Ṣé oògùn mìíràn wà tó ń lò lẹ́yìn ìyẹn, kódà bó jẹ́ ti ara ríro lásán? Tọ́ọ̀tì mélòó ló ń mu? Ṣé ó ń jẹun?

Ẹ má jẹ́ kó mu àgbo kankan lálẹ́ yìí, ẹ má sì jẹ́ kó lo oògùn náà, títí a ó fi mọ̀. Kó má wọ omi lọ́la pẹ̀lú. Oorun tó mú un lórí ẹní lánàá lè mú un nínú ọ̀sà.

Àǹtí Ìgbógbó · agogo 8:52 alẹ́

Mo ti rí páálí náà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Wọ́n kọ parasitamọ́ọ̀ mílígíráàmù 500 síbẹ̀, kaféènì 30, kulofẹniramíìnì 2, àti ọ̀kan tó ń la imú tí mo rí orúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnu mi ò lè pè. Hóró 2 ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mo tún rí parasitamọ́ọ̀ lásán nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, sáṣẹ́ẹ̀tì mélòó kan ti tán. Ó ní ti ara ríro nìyẹn, hóró 2 lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Ti àgbo, ó ní tọ́ọ̀tì 1 láàárọ̀ kó tó wọ omi nítorí òtútù, 1 lọ́sàn-án, 2 lálẹ́. Kì í ṣe ìgbà tí ọ̀fìnkìn dé ló bẹ̀rẹ̀, ó ti tó ọdún 3 tó ti ń mu ún báyìí. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀kọ mímu nìkan, òun náà díẹ̀díẹ̀.

Apoògùn Àgríìkì · agogo 9:20 alẹ́

Ẹ ṣeun, àǹtí. Ọ̀nà 2 ni ọ̀rọ̀ yìí pín sí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti oorun, torí òun ló lè pa ènìyàn láàárín òru kan. Ti ẹ̀dọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nínú oògùn tí ẹ kà yẹn, kulofẹniramíìnì ló ń gbẹ imú. Òun náà ló wà nínú hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo wa ń pè ní píritọ́ọ̀nù. Ó ń gbẹ imú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń wọ ọpọlọ lọ, ó sì ń fa oorun. Ọpọlọ yẹn kan náà ni ọtí ń lọ. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé níbẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn lẹ́yìn ni. Oorun á jìn ju èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè fà lọ, ó sì lè jìn dé ibi tí ọpọlọ kò ti ní rán ènìyàn létí mọ́ kó mí dáadáa, tàbí kó yí orí padà bí èébì bá gùn ún lọ́fun.

Nípa wákàtí 3 yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tọ́ọ̀tì tí wọ́n ń bù lójú èbúté, ẹ jẹ́ ká gbà pé mílílítà 50 ni, kí ògógóró inú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ọtí kó ìdá 40 nínú 100 rẹ̀. Ògidì ọtí inú rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 16. Bíà ìgò ńlá kan tó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 24. Ìyẹn ni pé tọ́ọ̀tì 3 jẹ́ bíà ìgò ńlá 2, tó kàn wà nínú ife kékeré. Ara àgbàlagbà máa ń mú nǹkan bí gíráàmù 8 kúrò ní wákàtí kan. Tọ́ọ̀tì 2 tó ń mu lálẹ́ nìkan á gba wákàtí 4 kó tó kúrò lára. Wákàtí 3 kò tó fún ọtí nìkan, ká má tíì dárúkọ oògùn.

Oògùn náà ló tún le jù. Kulofẹniramíìnì kì í yára jáde. Bí ènìyàn bá lò ó, lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 20, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá wò ó: ó ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ti ọjọ́ Ẹtì kò tíì lọ tán tí ti Àbámẹ́ta fi dé, ti ọjọ́ Àìkú tún gun orí àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kò sùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ ọjọ́ kẹta ló gbé e lọ. Tọ́ọ̀tì rẹ̀ kò yí padà, oògùn ló ń pọ̀ sí i lábẹ́ rẹ̀. Kò sí wákàtí téèyàn lè fi sáàárín nǹkan tó wà lára tọ̀sántòru.

Bàbá Àgbà Ẹ̀pẹ́ · agogo 9:47 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ẹ tún fẹ́ fi oògùn òyìnbó bú àgbo. Bàbá mi àti bàbá rẹ̀ mu àgbo nílùú Ẹ̀pẹ́ yìí kí kẹ́míìsì tó dé, wọ́n sì dàgbà darúgbó. Èwo ni ẹ̀bi ewé àti egbò nínú ọ̀rọ̀ yìí? Kí ló dé tí ẹ ò ní kó pa oògùn tì, kó gbájú mọ́ àgbo?

Apoògùn Àgríìkì · agogo 10:05 alẹ́

Bàbá, ẹ má bínú, mi ò bú àgbo. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè, ọtí ni mo dárúkọ, mi ò dárúkọ ewé kankan. Bó bá jẹ́ omi ni wọ́n fi se é, ọ̀rọ̀ oorun yìí ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àgbà Ẹ̀pẹ́ · agogo 10:31 alẹ́

Mo gbọ́ yín. Èmi náà á sọ òótọ́ kan. Àgbo tí wọ́n ń fún wa fún ọ̀fìnkìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, omi ni wọ́n fi ń se é. Ewé efinrin àti ata ilẹ̀ ni, wọ́n á fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á fi oyin lé e, gbígbóná la ń mu ún. Wọ́n tún máa ń gbé ìkòkò síwájú wa, wọ́n á fi aṣọ bò wá lórí kí ooru rẹ̀ wọ imú. Opa ẹ̀yìn àti jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń rẹ sínú ọtí fún àgbàlagbà, ìwọ̀nba ìkarahun ìgbín sì ni. Èyí tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà báyìí, gbogbo àìsàn ni wọ́n ń rẹ sínú ọtí. Mi ò mọ ìgbà tó yí padà.

Ẹlẹ́wé Tẹ́lẹ̀ Rí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 6:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ta àgbo fún ọdún 6 ní agbègbè Ìmọ̀tà kí n tó fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ọtí ni wọ́n ń lò torí ó ń tètè fa agbára inú epo igi jáde, kì í sì í kan. Àgbo olómi, ọjọ́ kejì ó ti ń kan, ẹ ó dà á nù. Ti ọtí lè wà nínú ìgò fún oṣù kan. Ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò tọ́ọ̀tì, ẹ má gbàgbé pé ògógóró kì í le bákan náà. Èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú ìdáná le gan-an, tó bá kan iná a gbà á. Ẹlòmíràn á fi omi là á. Ìyá alágbo fúnra rẹ̀ lè má mọ bí èyí tó rà lónìí ṣe le tó. Ohun kan náà ló ń bù sínú ife, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ife ń yí padà.

Èyí tó mú mi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ rèé. Ẹnì kan tí a jọ ń tà á máa ń lọ hóró oògùn òyìnbó sínú ti ara ríro, kí àwọn oníbàárà lè sọ pé tirẹ̀ ń yá ṣiṣẹ́. Mo fojú ara mi rí i. Parasitamọ́ọ̀ wà níbẹ̀, àwọn mìíràn náà wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀. Àwọn oníbàárà ń yìn ín pé ewé rẹ̀ ló dára.

Àǹtí Ìgbógbó · agogo 6:35 àárọ̀

Ẹ̀rù ti ń bà mí. Kò mu nǹkan kan lálẹ́ àná, mo dúró tì í. Apoògùn, ẹ ní ti ẹ̀dọ̀ ń bọ̀.

Apoògùn Àgríìkì · agogo 7:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, àǹtí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́wé fún ohun tó sọ, torí ó wọ inú ìṣirò yìí tààrà.

Ẹ jẹ́ ká ka parasitamọ́ọ̀ àbúrò yín. Oògùn ọ̀fìnkìn, hóró 2 lẹ́ẹ̀mẹta, hóró 6 nìyẹn. Parasitamọ́ọ̀ lásán, hóró 2 lẹ́ẹ̀mẹta, hóró 6 mìíràn. Hóró 12, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500, gíráàmù 6 ni lóòjọ́. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tó ń jẹun, kò gbọ́dọ̀ kọjá gíráàmù 4 lóòjọ́, ìyẹn hóró 8. Ẹni tó ń mu ọtí lójoojúmọ́, tí kò sì jẹun kánú, èmi kì í jẹ́ kó kọjá gíráàmù 2, hóró 4. Ìlọ́po 3 ìyẹn ló ti ń lò láti ọjọ́ Ẹtì. Kò sì mọ̀, torí ó rò pé ọ̀kan jẹ́ ti imú, èkejì jẹ́ ti ara ríro. Bí ìyá alágbo bá tún lọ díẹ̀ sínú tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè ka ìyẹn mọ́.

Ohun tó fi léwu ni pé ẹ̀dọ̀ ló ń tú parasitamọ́ọ̀. Ọ̀nà tó ń gbé e gbà pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń jáde sínú ìtọ̀ láìṣe ìpalára. Díẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn tó ń sọ ọ́ di májèlé, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ní ohun kan nípamọ́ tó fi ń pa májèlé náà lójú ẹsẹ̀. Ara oúnjẹ la ti ń rí ohun ìpamọ́ yẹn. Ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ 3, àpamọ́ rẹ̀ ti ń gbẹ.

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Sábó · agogo 7:20 àárọ̀

Àǹtí apoògùn, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ṣì di ọ̀rọ̀ mi mú pé ara tí ọtí ti mọ́ ń tètè lọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn mu tọ́ọ̀tì 1, ó ṣubú. Èmi á mu 3, mi ò ní mì.

Apoògùn Àgríìkì · agogo 7:41 àárọ̀

Ibi tí ẹ ti gbà á yẹn, òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ máa ń kọ́ bó ṣe ń yára tú ọtí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń là sí i láti fi tú ọtí, ọ̀nà yẹn gan-an ni èyí tó ń sọ parasitamọ́ọ̀ di májèlé. Bí ọtí ti ń mọ́ yín lára, ẹ̀ ń la ọ̀nà májèlé sí i ni.

Ó tún kù díẹ̀, òun ló sì dáhùn wákàtí 3 àbúrò àǹtí pátápátá. Nígbà tí ọtí ṣì wà lára, ọtí àti parasitamọ́ọ̀ ń du ọ̀nà yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọtí máa ń gba iwájú, nítorí náà májèlé kì í pọ̀ jù. Nígbà tí ọtí bá wá tán, ọ̀nà ti gbòòrò, kò sí ẹni tó ń dù ú mọ́, parasitamọ́ọ̀ á wá gba ibẹ̀ lọ ràì. Ẹni tó jáwọ́ nínú ọtí lánàá, tí ara ń ro, tó wá da hóró 4 sẹ́nu pọ̀ lówùúrọ̀ òní torí ó rò pé òun ti mọ́, òun gan-an ló wà nínú ewu jù. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló máa ń gbà kí ẹ̀dọ̀ tó ti ọ̀nà yẹn padà bó ṣe wà.

Mi ò sọ pé parasitamọ́ọ̀ burú. Hóró 2 fún ibà, fún ẹni tó ń jẹun, kò pa ẹnikẹ́ni. Iye rẹ̀ lóòjọ́ ni kí ẹ máa kà, kí ẹ kà á pọ̀ láti inú gbogbo páálí tó wà nílé.

Bí ẹ ò ṣe mì lẹ́yìn tọ́ọ̀tì 3 náà, ẹ má fi wa kẹ̀kẹ́ lórí kulofẹniramíìnì. Ojú ènìyàn lè là kalẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má tètè dé orí bíréèkì.

Ìyá Ìbejì Àgbádárìgì · agogo 9:15 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì í mu ọtí rárá, omi la fi ń se àgbo tirẹ̀. Ṣé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn? Ó lo oògùn ọ̀fìnkìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lọ sókè gan-an.

Apoògùn Àgríìkì · agogo 9:40 àárọ̀

Rárá, ìyá, ti màmá yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí. Èyí tó ń la imú nínú oògùn náà, ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ ni, bó ṣe ń mú kí wíwú inú imú wálẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe òpó ẹ̀jẹ̀ imú nìkan ló ń fún, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lọ sókè tí àyà fi ń lù. Kaféènì tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra oògùn ọ̀fìnkìn, ẹ sọ fún olókẹ́míìsì pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí wọ́n tó mú un wá. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán símú á tó o. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà wọ̀n lónìí.

Àǹtí Ìgbógbó · Ọjọ́rú, agogo 6:25 alẹ́

Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Láti ọjọ́ Ajé ni kò ti mu àgbo, kò sì lo oògùn kankan. Mo rò pé ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n láti àná ló ti ń bì, ó ní ihà ọ̀tún òun, lábẹ́ egungun, ń dun òun. Lónìí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ojú rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Màmá wa ní ibà pọ́njú ni, pé òun ti rí i rí. Wọ́n ti ra àgbo ibà, ìgò kan, òun náà inú ọtí ni wọ́n rẹ ẹ́ sí. Wọ́n fẹ́ fún un báyìí.

Apoògùn Àgríìkì · agogo 6:31 alẹ́

Ẹ gba ìgò náà lọ́wọ́ màmá. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lálẹ́ yìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ìgbà tí ojú bá pọ́n lẹ́yìn oògùn báyìí, ẹ̀dọ̀ ló ń ké. Parasitamọ́ọ̀ kì í sábà fi ara hàn lọ́jọ́ kìíní, ó kàn máa ń ṣe bí èébì lásán, lẹ́yìn náà ni ihà ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, tí ojú á wá pọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò nígbà náà pé àìsàn tuntun ló dé, wọ́n á sì fi ọtí mìíràn lé e.

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí dání: páálí oògùn ọ̀fìnkìn, sáṣẹ́ẹ̀tì parasitamọ́ọ̀ tó ti tán, àti ìgò àgbo tó ń mu bó bá ṣẹ́ kù. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún dókítà báyìí: “Gíráàmù 6 lóòjọ́ fún ọjọ́ 3, pẹ̀lú ọtí, kò jẹun.” Ẹ má fi ọtí náà pamọ́ nítorí ìtìjú. Oògùn tó ń dá àpamọ́ ẹ̀dọ̀ padà wà, inú iṣan ni wọ́n ń gbà fún un. Ó dára jù láàárín wákàtí 8 lẹ́yìn tí ènìyàn gbé hóró tó pọ̀ jù mì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń fún ẹni tó pẹ́ dé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · agogo 6:44 alẹ́

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí, torí a máa ń rí i ní òru. Bí ẹni tó mu páràgà lé oògùn bá sùn tí kò jí, ẹ ja á léèékánná dáadáa tàbí kí ẹ fi ìka ra egungun àyà rẹ̀ kíkankíkan. Bí kò bá dáhùn, tàbí tó ń hó lọ́fun bí ẹni tí omi wà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tàbí tí ètè rẹ̀ dúdú, ẹ má jẹ́ kó “sùn ún jí”. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fàyàkálẹ̀ tàbí kó dojú sókè, kí èébì lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá tó 10, tàbí tí kò bá dáhùn rárá, ẹ pe 112 tàbí 767, ẹ má sì dúró dè wọ́n bí ọkọ̀ bá wà nítòsí.

Ẹ dákun, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má da mílíìkì sí i. Ẹni tí kò jí kò lè gbé nǹkan mì. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà ń lọ. A ti rí ẹni tí ọtí kò pa tó jẹ́ epo ni wọ́n fi ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Bàbá Àgbà Ẹ̀pẹ́ · agogo 7:10 alẹ́

Àǹtí, ẹ bá mi kí màmá yín. Ẹ sọ fún wọn pé àgbà bíi tiwọn ló ní kí wọ́n gbé ìgò yẹn sílẹ̀. Àgbo ibà kò ní sá lọ. Kí ọmọ rí dókítà ná.

Àǹtí Ìgbógbó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, agogo 4:05 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Wọ́n ti dá a dúró láti alẹ́ Ọjọ́rú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo ẹ̀dọ̀ àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ti fara gbọgbẹ́ gan-an. Dókítà ka iye hóró tí mo kọ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn inú iṣan lóru ọjọ́ yẹn. Láti àná ni èébì ti dáwọ́ dúró, ó jẹ ẹ̀kọ, ó jẹ mọ́ínmọ́ín díẹ̀. Ojú ṣì pọ́n.

Wọn ò tíì sọ pé parasitamọ́ọ̀ nìkan ló ṣe é. Wọ́n ní àwọn ń dúró de àyẹ̀wò àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ranni, àti pé nǹkan kan lè wà nínú epo igi tó mu fún ọdún 3. Mo gbé ìgò náà fún wọn, wọ́n ní àwọn ò ní ohun èlò tí wọ́n lè fi yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ìyá alágbo náà ò sọ gbogbo ohun tó fi sí i. Ó ní àdììtú ìdílé òun ni.

Ẹlẹ́wé Tẹ́lẹ̀ Rí · agogo 4:40 ọ̀sán

Ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé asúnwọ̀n wà nínú rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i tí wọ́n fi sí ti ọ̀fìnkìn kí ó lè “fọ inú”. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Ẹni tí kò jẹun, tó tún ń yà, ibo ni yóò ti rí okun? Ìyẹn kì í ṣe àdììtú ìdílé ẹnikẹ́ni, kò yẹ kó pa á mọ́.

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Sábó · agogo 8:22 alẹ́

Àǹtí, Ọlọ́run á gbé e dìde. Mo fẹ́ bi apoògùn léèrè. Mo yọ páálí tó wà nínú kẹ̀kẹ́ mi wò, parasitamọ́ọ̀ 500 wà nínú tèmi náà. Láti àárọ̀ òní mo ti lo hóró 4 nínú rẹ̀, mo tún ra parasitamọ́ọ̀ lásán ní Ọ̀gólóntò, mo lo 2. Hóró 6 nìyẹn. Tọ́ọ̀tì 2 láàárọ̀. Mo jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án. Ṣé mo lè lo 2 tí mò ń lò lálẹ́ kí n tó sùn?

Apoògùn Àgríìkì · agogo 8:30 alẹ́

Rárá, ẹ má lò ó. Gíráàmù 3 ti wọlé fún yín lónìí, ó ti ju ti ẹni tó ń mu ọtí lójoojúmọ́ lọ. Ẹ mu omi, ẹ jẹun alẹ́ dáadáa, ẹ fi imú fa ooru omi gbígbóná. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní alẹ́ yìí, kí ẹlòmíràn gbé yín délé. Bí ẹ bá bì láàárín òní sí ọ̀túnla, tàbí tí ìtọ̀ yín bá dúdú, ẹ má wá sí ojú ìwé yìí láti béèrè, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ tààrà. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú gbogbo páálí tó wà nínú kẹ̀kẹ́ wá bá mi ní Àgríìkì, a ó jọ kà á.

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Sábó · agogo 8:34 alẹ́

Mo ti gbé e sílẹ̀ ní gáréèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá gbé mi.